Ìkẹwàá, Èènì Ni: Ọ̀rọ̀ Tó Yẹ Kó Wà Lára Káàdì Báábà

Sátidé kan ni, ní ṣọ́ọ̀bù báábà tí mo ti ń gẹrun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Ọkùnrin kan dìde lórí àga, ó gbọn irun kúrò léjìká, ó sì na káàdì kékeré kan sí ọ̀gá báábà dípò owó. Òǹtẹ̀ mẹ́sàn-án ló wà lára káàdì náà. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lókè ni: "GẸRUN 10, GBA 1 LỌ́FẸ̀Ẹ́."

Ọkùnrin yìí ní ìkẹwàá tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ̀ tán yẹn ni ọ̀fẹ́. Ọ̀gá ní, "Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ san ti òní, kí n tẹ ìkẹwàá fún yín. Ìkọkànlá ni ọ̀fẹ́." Ẹ̀gbọ́n bá fi ìka tẹ ọ̀rọ̀ ara káàdì: mẹ́wàá ni wọ́n kọ síbẹ̀, níbo ni ìkọkànlá ti wọlé? Àwa tá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì pín sí méjì. Àwọn kan gbè sẹ́yìn ẹ̀gbọ́n, àwọn kan gbè sẹ́yìn ọ̀gá, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí wọ́n pín in sí àárín. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ju ₦2,000 sórí tábìlì, ó fi káàdì náà sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì lọ. A ò rí i níbẹ̀ mọ́.

Mo fi fóònù mi ṣírò ohun tí wọ́n torí rẹ̀ jà. Tó bá jẹ́ pé ìkẹwàá ni ọ̀fẹ́, oníbàárà jèrè ₦2,000 nínú ìgbà mẹ́wàá tó jókòó, ìyẹn ₦200 lórí ìjókòó kan. Tó bá jẹ́ ìkọkànlá, ₦182 ni. Náírà méjìdínlógún ló wà láàárín wọn. Báábà pàdánù oníbàárà tó ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì nítorí náírà méjìdínlógún, nítorí pé gbólóhùn kan ṣeé kà sọ́nà méjì.

Bí mo ṣe di ẹni tí wọ́n ní kó bá wọn tún káàdì kọ nìyẹn. Ọ̀gá ní ìwé ni mò ń kọ jẹun, kí n wá kọ ti òun náà.

Kì í ṣe pé irú káàdì yìí ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ti dá àjọ lọ́wọ́ alájọ ojoojúmọ́ mọ̀ ọ́n. Káàdì alájọ ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ojú kan fún ọjọ́ kan. Ẹ san ti òní, ó fi bírò sàmì sí i. Bí oṣù bá parí, ó kó owó yín fún yín, ó mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lára káàdì náà, ìjà kì í sì í sábà ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé kí ẹni náà tó san kọ́bọ̀ àkọ́kọ́ ló ti mọ ohun tí àmì kan túmọ̀ sí àti ohun tí alájọ máa mú. Káàdì báábà kò ní irú àṣà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń dá òfin tirẹ̀ sílẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ara káàdì ló gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ tí àṣà ń ṣe fún alájọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ yọ kúrò ni "lọ́fẹ̀ẹ́." Mo mọ̀ pé àwọn atẹ̀wé fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n á fi lẹ́tà ràgàjì kọ ọ́. Àmọ́ tí Yorùbá bá gbọ́ ọ̀fẹ́, ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló máa ń wò. A ní ọ̀rọ̀ tó sàn jù ú lọ, èènì. Ìyá tó wọn gàrí fún yín tán, tó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, kò fún yín ní ọ̀fẹ́. Ẹ ti rajà, ó sì mọ̀ yín lóníbàárà. Ohun tí báábà fẹ́ ṣe gan-an nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà: ojú ẹsẹ̀ ni èènì gàrí ń bọ́ sínú ọ̀rá, ṣùgbọ́n èènì báábà máa dúró fún oṣù bíi mẹ́rin kó tó tẹ oníbàárà lọ́wọ́. Ohun tí a sún síwájú tó báyìí, àfi kí a kọ ọ́ bí ìgbà tí a bá ń kọ ìwé ilẹ̀.

Nítorí náà, gbólóhùn àkọ́kọ́ di: "Ìkẹwàá, èènì ni." Ẹ wo iṣẹ́ tí "ìkẹwàá" ṣe níbẹ̀. "Mẹ́wàá" jẹ́ iye, iye sì lè wà ṣáájú ẹ̀bùn tàbí kó kó ẹ̀bùn náà mọ́ra. "Ìkẹwàá" jẹ́ ipò, kò sì ṣeé kà sí ibòmíràn. Kí àríyànjiyàn má tún sí rárá, a tẹ ojú róbótó mẹ́wàá sórí káàdì, a kọ 1 dé 9 sínú mẹ́sàn-án, a sì kọ ÈÈNÌ sínú ìkẹyìn. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá á rí i pé ibẹ̀ ni ìrìn àjò parí sí.

Lẹ́yìn náà la wá kan ọ̀rọ̀ tó mú kí èmi àti ọ̀gá dúnàádúrà fún bí ìdajì wákàtí. Ní 2006, àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Joseph Nunes àti Xavier Drèze, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ilé ìfọmọ́tò kan. Wọ́n pín káàdì 300. Apá kan ní ojú mẹ́jọ, gbogbo rẹ̀ ṣófo. Apá kejì ní ojú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ sí méjì kí oníbàárà tó gbà á. Iye tí ẹni méjèèjì máa san kò yàtọ̀, ìgbà mẹ́jọ mẹ́jọ ni. Síbẹ̀, 19 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí káàdì tó ṣófo, 34 nínú ọgọ́rùn-ún ló parí èyí tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ẹni tó rí i pé òun ti wà lójú ọ̀nà kì í fẹ́ padà.

Mo ní kí ọ̀gá tẹ méjì sílẹ̀ fún oníbàárà. Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ òun jẹ́. Ó ní méjì ti pọ̀ jù, ọ̀kan tó. A ṣírò rẹ̀ papọ̀. Tí ọ̀kan bá jẹ́ tirẹ̀, oníbàárà máa san ìgbà mẹ́jọ kó tó jèrè ìjókòó kan. Èènì ₦2,000 nínú ìjókòó mẹ́sàn-án jẹ́ ₦222 lórí ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Ó gbà. Gbólóhùn tó máa wà lábẹ́ ojú kìn-ín-ní sì di: "Èyí, tiwa ni." Mo fẹ́ kó kúrú bẹ́ẹ̀. Bí a bá kọ ọ́ gùn, á dà bí ẹni ń fi oore ṣe ìran.

Ọ̀gá ti rò pé nǹkan tí orí ọ̀fẹ́ kan ń ná òun ni epo jẹnẹrétọ̀, sípíríìtì àti agbára ọwọ́. Bóyá ní ọ̀sán Túsìdeè tí àga ṣófo, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tàbí ọjọ́ tó ṣáájú Iléyá àti Kérésìmesì, tí èèyàn mẹ́fà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ẹni tó gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́ gba àyè ẹni tí ì bá san ₦2,000. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò rí i kí ṣọ́ọ̀bù kankan rò kí wọ́n tó tẹ káàdì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gẹrun níbẹ̀ kò gba owó oṣù, ìpín ni wọ́n ń gbà lórí orí kọ̀ọ̀kan. Ká ní ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ni, ₦800 nìyẹn nínú ₦2,000. Bí oníbàárà bá fa káàdì yọ tí kò sí owó, kí ni ọmọ iṣẹ́ gbà? Òdo. Kò ní sọ̀rọ̀, kílípà rẹ̀ ló máa sọ ọ́. Á yára gẹ̀ ẹ́, kò ní fara balẹ̀ la etí irun, tàbí kó ní "ẹ dúró de ọ̀gá." Ẹ lè dá a mọ̀ bí ẹ bá rí i pé àwọn tó gba èènì wọn kì í padà wá gba káàdì kejì. Ọ̀gá pinnu pé òun máa san ₦800 náà fún ọmọ iṣẹ́ bí ẹni pé owó wọlé. Èyí kò sí lára káàdì, ṣùgbọ́n láìsí i, irọ́ ni gbogbo ohun tó wà lára káàdì.

Nítorí ọ̀rọ̀ Sátidé yẹn, èènì gbọ́dọ̀ ní ọjọ́ tirẹ̀: "Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè." Ọ̀gá ní kí a kọ ọ́ sẹ́yìn, pẹ̀lú àwọn òfin yòókù, ní lẹ́tà kéékèèké. Èmi kọ̀. Ohun tó máa dun oníbàárà jù lọ ni kí a gbé sún mọ́ ohun tó ń wù ú jù lọ, nítorí ojú kan náà ló máa fi wò wọ́n. Abẹ́ ojú kẹwàá gan-an la tẹ̀ ẹ́ sí, lẹ́tà rẹ̀ kò sì kéré sí ti ÈÈNÌ lọ títí. Ẹni tí kò bá fẹ́ á ti mọ̀ láti ọjọ́ kìn-ín-ní, kì í ṣe lọ́jọ́ tó ti jókòó tán.

Ọjọ́ tí káàdì máa kú náà nílò ìṣirò. Káàdì àtijọ́ kọ "oṣù mẹ́ta." Lókọ́ọ̀tù máa ń fẹ́ kí a tún un ṣe lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, torí irun ń hù tó bíi sẹ̀ǹtímítà kan lóṣù, etí rẹ̀ á sì ti wọ́. Ẹni tó ń wá lọ́sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́ta máa jókòó nígbà bíi méje péré. Kò sí bó ṣe lè dé mẹ́wàá. Mi ò rò pé ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, atẹ̀wé ló bá a mú oṣù mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ìlérí tí kò ṣeé mú ṣẹ ṣe rí nìyẹn. Nínú káàdì tuntun, bí ìjókòó àkọ́kọ́ bá jẹ́ òní, ìkẹjọ bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, èènì sì bọ́ sí ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlógún. A fún un ní oṣù mẹ́fà, kí ẹni tó rìnrìn àjò tàbí tó ṣàìsàn má bàa pàdánù. A kò sì kọ "oṣù mẹ́fà" lásán. Ọjọ́ gan-an ni báábà máa fi bírò kọ sí ìlà tó wà lẹ́yìn káàdì, torí kò sẹ́ni tó ń rántí ọjọ́ tó gba káàdì.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn baba tó ń kó ọmọ wá. Òǹtẹ̀ mélòó ni baba tó mú ọmọ mẹ́ta wá máa gbà? Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù tó tẹ ọ̀kan fún gbogbo wọn, mo sì ti rí èyí tó tẹ mẹ́rin, nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà, lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ méjì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ gbólóhùn tó yanjú rẹ̀, láìmọ̀ pé òun ń kọ̀wé. Ó ní, "Ṣebí orí kan, òǹtẹ̀ kan ni." Mo mú un bẹ́ẹ̀ kó máà bọ́ sílẹ̀. Òun ló wà láàárín káàdì báyìí. Ó dára jù gbogbo ohun tí èmi kọ lọ.

Ẹ̀yìn káàdì kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Káàdì tó tó ìwọ̀n káàdì ìdánimọ̀ tí èèyàn ń fi sínú àpò owó, mìlímítà 85 ní 55, kò gbà ju ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí àgbàlagbà lè kà láìsí awò. A kọ ọ́ báyìí:

"Èènì yìí wà fún gígẹ irun orí kan, àgbà tàbí ọmọdé. Irùngbọ̀n àti dáì, owó wọn lọ́tọ̀. Bí káàdì bá sọnù, a ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Káàdì yìí parí ní ọjọ́: ……"

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ atẹ̀wé bọ̀ ọ́ níbí. Ó fẹ́ kí káàdì náà máa dán lójú méjèèjì. Yíǹkì òǹtẹ̀ kì í gbẹ lórí ohun tó ń dán, á kàn máa yí mọ́ àtàǹpàkò ni. Ojú tí òǹtẹ̀ máa wà gbọ́dọ̀ jẹ́ páálí tí kò dán. Nítorí pé òǹtẹ̀ kò ṣòro láti gbẹ́ lọ́jà, báábà máa ń kọ ọjọ́ kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òǹtẹ̀ sì ń sùn nínú dúróà ọ̀gá.

Ìlà ìránnilétí ló wá kù, èmi sì rò pé kékeré ni. Ó gbà mí ju gbogbo ìyókù lọ. Èyí tó wà lára káàdì àtijọ́ ni: "Má gbàgbé káàdì rẹ!" Baba ẹni àádọ́rin ọdún ń gẹrun níbẹ̀. Káàdì kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó mú un dání, nítorí náà "yín" ló gbọ́dọ̀ máa sọ fún gbogbo èèyàn. Ọmọ iṣẹ́ kan dábàá "Kò sí káàdì, kò sí òǹtẹ̀." Ohùn kọ̀ndọ́kítọ̀ mọ́tò ni mo gbọ́ nínú ìyẹn. Ibi tí ìṣòro náà wà ni pé inú ilé ni káàdì ń jókòó sí, inú dúróà tàbí lórí tẹlifíṣọ̀n. Àpò owó ló yẹ kó wà. Ohun tí a kọ ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó máa bá owó yín gbé o." Ó sọ ibi tí káàdì yẹ kó wà, ó sì pani lẹ́rìn-ín díẹ̀. "O" tó wà níparí rẹ̀ ló mú un kúrò ní àṣẹ.

Ọ̀gá tún fẹ́ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn tó ti sún mọ́ èènì. Níbí, àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù ní ọgbọ́n kan tí ẹni tó ń kọ Yorùbá gbọ́dọ̀ mọ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ń gba lẹ́tà 160. Ṣùgbọ́n bí ẹyọ ẹ, ọ tàbí ṣ kan bá ti wọ inú rẹ̀, ìwọ̀n náà já sí 70, torí àwọn lẹ́tà náà kò sí nínú àkójọ kékeré tí fóònù kọ́kọ́ ń lò. Lẹ́tà tó ní àmì sábẹ́ tó tún ní àmì ohùn lókè, bí ọ́, méjì ni fóònù ń kà á sí. Tó bá ti kọjá 70, owó àtẹ̀jíṣẹ́ méjì ni. Àwọn kan ń torí èyí yọ gbogbo àmì kúrò, ọ̀rọ̀ á wá rí bí ẹni tí eyín rẹ̀ ti ká. Mo yàn láti gé ọ̀rọ̀ kúrò dípò àmì, mo sì dé ibi yìí:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ó ku òǹtẹ̀ kan péré kí ẹ gẹrun lọ́fẹ̀ẹ́. Báábà yín."

Ní ìṣirò fóònù, 70 géérégé ni. Ẹ ó rí i pé "lọ́fẹ̀ẹ́" tún wọlé. Nínú àtẹ̀jíṣẹ́, ẹni tó ti ní òǹtẹ̀ mẹ́jọ kò ní àkókò láti ro ohun tí èènì jẹ́. "Ó ku" náà kò sí níbẹ̀ lásán. Minjung Koo àti Ayelet Fishbach fi hàn ní 2012 pé níbẹ̀rẹ̀, ohun tí èèyàn ti kó jọ ló ń mú un rìn, tó bá sì ti kọjá ìdajì, ohun tó kù ni. Nítorí náà, ẹni tó ní mẹ́ta ń gbọ́ "ẹ ti ní mẹ́ta," ẹni tó ní mẹ́jọ ń gbọ́ "ó ku ọ̀kan." Ẹnikẹ́ni tí kò bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí mọ́ lè sọ bẹ́ẹ̀, òfin ààbò ìsọfúnni tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 fún un lẹ́tọ̀ọ́ náà, ọ̀gá sì ń béèrè kó tó kọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Oṣù kan lẹ́yìn tí káàdì tuntun dé, baba ọlọ́mọ mẹ́ta kan wọlé ní Sátidé. ₦2,000 ni tirẹ̀, ₦1,000 ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ìgbà kìn-ín-ní, orí mẹ́rin, òǹtẹ̀ mẹ́rin, pẹ̀lú ọ̀kan tí ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ fún un. Ìgbà kejì, mẹ́rin mìíràn. Ojú mẹ́sàn-án ti kún, ó sì ti mọ ohun tó ń ṣe: òun ló kọ́kọ́ lọ jókòó, kí ìkẹwàá má bàa bọ́ sórí ọmọ ₦1,000. Ó ti san ₦10,000, ó fẹ́ gba ₦2,000. Ọ̀gá bojú wò mí. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé "àgbà tàbí ọmọdé" ṣí ilẹ̀kùn yìí sílẹ̀. Ó ní kí n fi í sílẹ̀, ẹni tó ń mú orí mẹ́rin wá lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ èènì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Sátidé ni. Bàbá yìí fa káàdì yọ, ojú rẹ̀ bọ́ sábẹ́ ojú kẹwàá kí ọ̀gá tó la ẹnu. Ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́ńdè sí Tọ́sìdeè. Ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀." Ó dìde lórí àga, ó gbé àbíkẹ́yìn rẹ̀ sípò ara rẹ̀, ó ní kí wọ́n gẹ̀ ẹ́ ní pọ́ńkì, kí wọ́n gba ₦3,000 tàwọn ọmọ, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀ wọn sí káàdì tuntun. Ọmọ iṣẹ́ mú káàdì náà, ó tẹ ti ṣọ́ọ̀bù sí ojú kìn-ín-ní, ó wá fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó gbẹ. Ní Túsìdeè, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, bàbá náà nìkan ló wà lórí àga.